Kànga dẹ̀rọ kan, mílíọ̀nù 15.68: kí ni wọ́n kọ sínú ìwé ìtọrọ owó yẹn gan-an?

Ẹ kú ìrọ́jú ooru yìí o, ẹ̀yin ará ilé. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni fóònù mi ò ti jẹ́ kí n sinmi. Ẹnì kan ló ya fọ́tò ojú ewé méjìlá ìwé ìtọrọ owó tí ẹnjíò kan kọ, lórí kọ̀ǹpútà, ó sì jù wọ́n sórí Wásáàpù ìlú ìyá mi, abúlé kékeré kan ni lápá Ọ̀mù-Àrán, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Ojú ewé kẹwàá ló dá gbogbo wàhálà sílẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé kànga dẹ̀rọ kan ṣoṣo máa ná ₦15,680,000. Ọmọ wa kan tó wà l'Ékòó ló kọ́kọ́ fèsì, ó ní bọ̀ọ̀dá òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ tiẹ̀ sílé n'Ílọrin, owó ẹ̀ ò tó ìdá mẹ́ta èyí. Ẹlòmíì ní àwọn ẹnjíò ti tún dé. Alhaja kan tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá mi wá pè mí lálẹ́, wọ́n ní, "Ìwọ tó o máa ń bá wọn kọ irú ìwé yìí, ṣé orúkọ wa ni wọ́n fi ń tọrọ owó jẹ ni?"

Ìbéèrè Alhaja ò burú rárá. Èmi kọ́ ni mo kọ ìwé yìí o, àmọ́ mo ti kọ irú ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, èyí tó gba owó àti èyí tí wọ́n dá padà. Mo bá ní kí ẹgbẹ́ tó kọ ọ́ fi odidi ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, mo sì kà á látòkè délẹ̀. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ ṣàlàyé. Iye owó tí mo máa dárúkọ níbí, ti ìwé yìí nìkan ni, ẹ má lọ fi ná kọ́ńtírátọ̀ yín, torí ọjà ń yí lójoojúmọ́.

Kí ni dẹ́ẹ̀kì yìí, ta ni wọ́n sì kọ ọ́ fún?

Gírántì ni owó tí wọ́n fúnni tá ò ní san padà. Kì í ṣe ẹ̀yáwó, kì í sì í ṣe sàráà, torí májẹ̀mú wà lórí ẹ̀: ohun tá a sọ pé a fẹ́ fi ṣe nìkan la gbọ́dọ̀ fi ṣe, ká sì kó rìsíìtì kalẹ̀. Dẹ́ẹ̀kì wá ni ìwé ìtọrọ náà, àmọ́ tí wọ́n ṣe é bí ojú ewé onífọ́tò tí èèyàn lè máa ṣí lórí kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan, mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọ̀rọ̀ ṣókí, nọ́ńbà díẹ̀.

Ẹni tó máa kà á lè wà l'Ábújá, ó sì lè wà lókè òkun. Kò mọ Ọ̀mù-Àrán, kò sì ní dé ọ̀dọ̀ wa láéláé. Ẹ fi wé ọ̀rọ̀ alárinà láyé àtijọ́. Ẹbí ìyàwó ò rí ilé ọkọ rí, alárinà ni wọ́n ń bi léèrè: iṣẹ́ wo ló ń ṣe, ta ni bàbá ẹ̀, ìyàwó tó kọ́kọ́ fẹ́ ńkọ́, kí ló lé e lọ? Ojú ewé kọ̀ọ̀kan nínú dẹ́ẹ̀kì, ìdáhùn sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni. Ojú ewé tó ń sọ ẹni tí ẹgbẹ́ náà jẹ́, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìjọba, àyẹ̀wò àkàǹtì wọn, ìyẹn ni "ta ni bàbá ẹ̀". Mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Tí ìwé bá pé, ó pé.

Ohun kan bí àwọn àgbà nínú lórí ojú ewé kejì: fọ́tò ọmọdé kan tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ odò pẹ̀lú ike, wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé ìlú yìí ò lómi. Mo gbà pẹ̀lú wọn pátápátá. Ẹnikẹ́ni ò bi ìyá ọmọ náà kí wọ́n tó yà á, ọ̀pọ̀ afúnni-lówó náà ò sì fẹ́ irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ mọ́. Nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò yẹn ló níṣẹ́ tó ń ṣe. Wọ́n ka èèyàn 640 nínú ìdílé 92, wọ́n sì fi aago wo bí obìnrin mẹ́wàá ṣe ń lọ sódò tí wọ́n ń bọ̀ lóṣù kejì, nígbà tí kànga ilé ti gbẹ. Lílọ, títò, pípọn àti bíbọ̀ ń gba bíi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìdí tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n ni pé àjọ ìlera àgbáyé àti Yúnísẹ́ẹ̀fù ti fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣe ààlà: omi tó dáa tí àlọ àti àbọ̀ ẹ̀ pẹ̀lú títò ò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ ni wọ́n kà sí pé èèyàn rí omi lò dáadáa. Tí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á tún fi aago wò ó. Ìyẹn ni afúnni-lówó máa fi mọ̀ pé nǹkan yí padà lóòótọ́, torí pé táǹkì dúró síbẹ̀ kò túmọ̀ sí pé wọ́n ń pọnmi níbẹ̀.

Ṣebí pọ́ǹpù kan wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀?

Ó wà. Pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ tí wọ́n gbẹ́ nígbà tí wọ́n ń bá sobìà jà. Àwọn àgbà rántí sobìà dáadáa, aràn funfun tó ń gba ẹsẹ̀ jáde, ọdún 2013 ni wọ́n tó fún Nàìjíríà níwèé pé ó ti tán nílẹ̀ wa. Sobìà lọ, pọ́ǹpù náà sì dákẹ́. Àwọn kan wá ń bèèrè lórí Wásáàpù pé kí ló dé tí wọn ò kàn tún un ṣe.

Ìbéèrè "kí ló lé ìyàwó àkọ́kọ́ lọ" nìyẹn, òun gan-an sì ni afúnni-lówó tó bá gbọ́n máa kọ́kọ́ bèèrè, torí ohun tó pa ti àkọ́kọ́ ló máa pa èkejì. Ojú ewé kẹta dáhùn ẹ̀, ojú ewé tó dáa jù nínú ìwé náà nìyẹn lójú tèmi. Wọ́n tú pọ́ǹpù náà, wọ́n sì rí nǹkan méjì. Rọ́bà kékeré inú ẹ̀ tó ń dì omi mú ti jẹ, ohun tí kò wọ́n rárá, àmọ́ kò sẹ́nì kankan nílùú tó ní sípánà tí wọ́n fi ń tú u, kò sì sẹ́ni tí wọ́n kọ́. Èkejì, irin ni páìpù inú ilẹ̀ ẹ̀, omi ibẹ̀ sì ń jẹ irin. Ìpẹtà yẹn ló sọ omi di pupa. Alhaja fúnra wọn jẹ́rìí sí i pé kó tó bàjẹ́ pátápátá làwọn ti fi í sílẹ̀, torí tí èèyàn bá fi fọ aṣọ iléèwé ọmọ, funfun á di ràkọ̀ràkọ̀, tí wọ́n bá sì fi po ògì, àwọ̀ ẹ̀ á yí padà.

Nítorí náà, wọ́n ju okùn tó ní nǹkan wúwo nídìí sínú ihò náà láti wọn bó ṣe jìn. Iyanrìn ti kún un débi pé ó ju ìdajì lọ, páìpù ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sì ti fọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí wọ́n gbẹ́ tuntun. Ká ní ihò náà ṣì dáa ni, ṣe ni kí wọ́n yọ irin, kí wọ́n fi páìpù rọ́bà tàbí irin tí kì í dípẹtà síbẹ̀, owó ẹ̀ ò ní tó ìdá mẹ́wàá èyí. Tẹ́ ẹ bá rí ìwé tó fẹ́ gbẹ́ tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó bàjẹ́, tí kò sì sọ ohun tó pa ti tẹ́lẹ̀, ẹ bèèrè.

Kí ló dé tí wọ́n fẹ́ sanwó láti wo ilẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ?

Ẹ jẹ́ ká wọ inú owó báyìí. Nínú ₦15,680,000 yẹn, mílíọ̀nù 11.5 ló jẹ́ nǹkan tí ojú máa rí: gbígbẹ́, pọ́ǹpù àti sọ́là, táǹkì àti ìdúró ẹ̀, ẹnu ẹ̀rọ àti ọgbà tó yí i ká. Mílíọ̀nù 4.18 tó kù ló ń bí àwọn èèyàn nínú, torí ojú ò rí i. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ dúró sí.

Àkọ́kọ́ ni ₦450,000 tí wọ́n pè ní yíyẹ ilẹ̀ wò, ohun tí àwọn tó ń ṣe é ń pè ní sọ́fè. Ọmọ Èkó yẹn ní jìbìtì ni, pé níbi tí bọ̀ọ̀dá òun gbẹ́, ẹni tó ń gbẹ́ ẹ kàn tọ́ka síbì kan ni, omi sì jáde. Orí ló bá a ṣe é. Ilẹ̀ tiwa lápá gúúsù Kwara níbí, àpáta líle ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lọ sí apá Pàtégí lẹ́bàá Ọya, ilẹ̀ tibẹ̀ dà bí fóòmù, iyanrìn tó ti di òkúta ni, omi wà káàkiri inú ẹ̀. Tiwa dà bí ìkòkò tó sán. Inú ibi tó sán yẹn àti inú àpáta tó ti rà lórí ẹ̀ ni omi máa ń wà, èèyàn lè gbẹ́ ihò kan kó rí omi, kó sún síwájú bí ogún ẹsẹ̀ kó rí erukuru. Àwọn tó rò pé odò ńlá kan ń ṣàn lábẹ́ ilẹ̀ gbogbo ilé, irọ́ ni.

Ẹni tó ń yẹ ilẹ̀ wò á ri ọ̀pá irin mẹ́rin mọ́lẹ̀ ní ìlà kan, á ti iná mànàmáná láti orí bátìrì gba méjì nínú wọn, á sì fi méjì tó kù wọn bí ilẹ̀ ṣe gba iná náà sí. Bó ṣe ń fa àwọn ọ̀pá náà jìnnà síra wọn ni iná ń lọ sísàlẹ̀ sí i. Àpáta gbígbẹ kì í fẹ́ kí iná kọjá, àpáta tó rà tó sì mu omi máa ń jẹ́ kó kọjá. Àmọ́ amọ̀ náà máa ń jẹ́ kí iná kọjá dáadáa, amọ̀ kì í sì í tú omi sílẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ẹ̀rọ yẹn kì í ṣe ojú ìran, ó kàn ń dín àṣìṣe kù ni. Ìdí nìyẹn tí dẹ́ẹ̀kì tó dáa kì í fi mú ojú ibi kan ṣoṣo wá. Èyí mú méjì, ó sì kọ èyí tí wọ́n máa kọ́kọ́ gbẹ́ àti èyí tí wọ́n máa sá lọ tí àkọ́kọ́ bá gbẹ.

Tó bá wá gbẹ lóòótọ́ ńkọ́, ta ló máa sanwó? Àwọn kan máa ń kọ ọ́ pé "bí kò sómi, kò sówó". Ó dùn-ún gbọ́ létí, àmọ́ ẹni tó ń gbẹ́ ẹ náà ò ya wèrè, ṣe ló máa fi owó ihò gbígbẹ sórí ihò olómi, á sì wá omi tipátipá: omi tó kàn ń sun díẹ̀díẹ̀, á ní ó ti dé. Ohun tí ìwé yìí ṣe dáa ju ìyẹn lọ. Wọ́n dá iye ihò gbígbẹ sọ́tọ̀ nínú àdéhùn, ó kéré, torí kò ní gba páìpù, kò ní gba òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń dà sí ẹ̀gbẹ́ páìpù, kò sì ní gba fífọ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ pé omi náà á tó?

₦550,000 ni wọ́n kọ fún dídán an wò, ìyẹn ìwọ̀n omi àti mímọ́ omi. Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́ nǹkan kan níbí. Nígbà kan rí, ẹgbẹ́ kan tí mo bá ṣiṣẹ́ fẹ́ fi owó díẹ̀ pamọ́, èmi ni mo sì yọ ìlà yìí kúrò nínú ìwé lọ́wọ́ ara mi. Oṣù kẹsàn-án la gbẹ́ kànga náà, òjò ti rọ̀ yó ilẹ̀, a tan pọ́ǹpù fún bí ogún ìṣẹ́jú, omi ń tú yàà, a yà fọ́tò, a jẹ ìrẹsì, a lọ sílé. Oṣù kejì ọdún kejì, omi inú ilẹ̀ ti lọ sílẹ̀, pọ́ǹpù ń fa afẹ́fẹ́, kò sì sí nǹkan tó máa pa á fúnra ẹ̀, ló bá jóná. Ìlú náà rò pé a ra pọ́ǹpù gbàǹjo. Pọ́ǹpù dáa, ihò ni ò tó fún un.

Bó ṣe yẹ kó rí ni pé kí wọ́n gbẹ́ ẹ lóṣù kẹta, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti mú gan-an, kí wọ́n fa omi fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìdáwọ́ dúró, kí ẹnì kan máa wọn bí omi ṣe ń lọ sílẹ̀ nínú ihò, tí wọ́n bá sì pa pọ́ǹpù, kó máa wọn bó ṣe ń gòkè padà. Tó bá lọ sílẹ̀ díẹ̀ tó dúró sójú kan, ayọ̀ ni. Tó bá ń lọ sílẹ̀ ṣáá, ihò náà ń parọ́ fún wa nìyẹn.

Ìṣírò tó wà lójú ewé kẹfà rọrùn. Èèyàn 640, kí kálukú rí lítà 20 lójúmọ́, ìyẹn ò tiẹ̀ kún kẹ́ẹ̀gì kan. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ lítà 12,800. Sọ́là ò lè fa omi tọ̀sántòru, ẹ jẹ́ ká ní wákàtí márùn-ún tí oòrùn mú dáadáa. Tẹ́ ẹ bá pín in, ihò náà gbọ́dọ̀ lè fún wa ní lítà 2,560 ní wákàtí kan láìgbẹ. Tí wọ́n bá dán an wò tó jẹ́ pé lítà 1,000 péré ló lè fún wa, kálukú ò ní rí lítà mẹ́jọ, sọ́là àti táǹkì ńlá á wá di ọ̀ṣọ́ lásán. Ìwé náà ti sọ ohun tí wọ́n máa ṣe tó bá rí bẹ́ẹ̀: wọ́n á fi sọ́là sílẹ̀, wọ́n á fi pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ sí ojú ibi méjèèjì tí wọ́n yẹ̀ wò, torí pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ ò nílò omi tó pọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ará ìlú ò ní fẹ́ gbọ́ èyí, sọ́là ni wọ́n ti fi sọ́kàn. Àmọ́ ìwé tó sọ bẹ́ẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, èmi máa gbà á gbọ́.

Ti mímọ́ omi, kókó kan péré: omi tó mọ́ lójú lè máà mọ́ nínú. Wọ́n máa gbé e nínú ìgò mímọ́, nínú kúlà oníyìnyín, lọ sí ibi àyẹ̀wò n'Ílọrin lọ́jọ́ náà gan-an. Kòkòrò tó ń ti inú ìgbẹ́ wá kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀ rárá, òdo ni, kì í ṣe díẹ̀. Wọ́n á tún wo irin, ẹ sì mọ ìdí tá a fi ń bẹ̀rù ẹ̀ nílùú wa.

Owó ọ́fíìsì àti owó àìmọ̀, ta ló ń jẹ ẹ́?

₦980,000 ni wọ́n kọ fún owó ọ́fíìsì. Ibi tí ariwo ti pọ̀ jù nìyí. Owó yìí ni ti akọ̀wé owó tó máa to rìsíìtì, ẹni tó máa yẹ àkàǹtì wò, dátà, iná, ilé tí wọ́n háyà, àwọn nǹkan tí kò sí lójú kànga ṣùgbọ́n tí kò sí bí kànga á ṣe wáyé láìsí wọn. Tí bíríkìlà bá gba owó iṣẹ́, owó tó fi ra sọ́bìrì wà nínú ẹ̀, kì í kàn kọ ọ́ lọ́tọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ afúnni-lówó ló ní òté tí wọ́n fi lé e, àjọ Yúróòpù fún àpẹẹrẹ kì í fẹ́ kó kọjá ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún iye owó iṣẹ́ gan-an. Ìdá méje nínú mílíọ̀nù 14 ni ₦980,000 yìí, ẹ ṣe é lórí fóònù yín.

₦700,000 tó tẹ̀ lé e ni owó àìmọ̀. Ihò gbígbẹ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, owó simẹ́ńtì tó bá fò, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa mú un. Tí nǹkan kan ò bá ṣẹlẹ̀, wọn ò lè pín in, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ̀wé béèrè tàbí kí wọ́n dá a padà.

Ìlà kan wà nísàlẹ̀ tó fẹ́ fa ìjà láàárín Báálẹ̀ àti àwọn ọ̀dọ́: "ipa ìlú, ₦600,000". Wọ́n ní ta ló gba owó lọ́wọ́ ìlú? Kò sẹ́ni tó gba kọ́bọ̀. Ilẹ̀ tí Báálẹ̀ yọ̀ǹda, iyanrìn tí àwọn ọ̀dọ́ máa kó, oúnjẹ àti ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ máa sùn, ni wọ́n fi ìdíyelé sí. Kò sí nínú ₦15,680,000 yẹn, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ló wà. Wọ́n kọ ọ́ kí afúnni-lówó lè mọ̀ pé ìlú ò ká ọwọ́ gbera. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé wọn ò ṣàlàyé fún Báálẹ̀ kí wọ́n tó kọ ọ́.

Ẹ tún jẹ́ kí n fi èyí kún un torí mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀ ń bọ̀: owó náà ò ní wá lẹ́ẹ̀kan náà. Ìpín mẹ́ta ni. Wọ́n á fún wọn ní ti àkọ́kọ́, wọ́n á gbẹ́ ẹ, wọ́n á kó rìsíìtì àti èsì àyẹ̀wò ránṣẹ́, kí èkejì tó dé. Nítorí náà iṣẹ́ lè dúró fún oṣù kan tàbí méjì tí ihò á kàn wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ìdérí dé. Kì í ṣe pé wọ́n ti sá lọ.

Níbo wá ni olè máa ń wà?

Olè wà, mi ò ní parọ́. Àmọ́ kì í sábà wà níbi tí ojú àwọn èèyàn ń lọ. Mo máa ń wá a nínú ìlà tí kò ní iye nǹkan. "Sọ́là 10, ọ̀kọ̀ọ̀kan báyìí báyìí," ìyẹn ṣe é yẹ̀ wò lọ́jà. "Ìrìnnà àti àwọn nǹkan mìíràn, mílíọ̀nù méjì," ìrìnnà wo, mọ́tò mélòó, ẹ̀ẹ̀melòó ni? Mo tún máa ń wá a nínú iye èèyàn. Tí ìwé bá ní kànga kan máa fún èèyàn 6,000 lómi, wọ́n ti ka abúlé mẹ́ta tí kò ní wá pọnmi níbẹ̀ láéláé mọ́ ọn. Èyí tó wá burú jù, dẹ́ẹ̀kì kò lè fi í hàn: kí wọ́n fi kànga kan gba owó lọ́wọ́ ẹni méjì. Ìlú nìkan ló lè mú ìyẹn. Tí ẹni kan bá ti kọ orúkọ ẹ̀ sára táǹkì, tí àwọn mìíràn tún wá ń ya fọ́tò níbẹ̀, kí akọ̀wé ìlú bèèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe.

Tó bá bàjẹ́, ta ló máa tún un ṣe?

Ojú ewé kẹsàn-án nìyí, òun ló sì yẹ kí gbogbo wa máa jà lé lórí dípò ìkẹwàá. ₦800,000 wà fún kíkọ́ kọmitíì omi, irinṣẹ́ àti àwọn ẹ̀yà tí wọ́n á tọ́jú sílẹ̀, ₦700,000 sì wà fún bíbẹ̀ wọ́n wò fún oṣù méjìdínlógún. Ẹ rántí rọ́bà kékeré àti sípánà tí kò sí. Ohun tó pa pọ́ǹpù sobìà ni wọ́n fẹ́ fi owó yìí dí.

Kọmitíì náà máa jẹ́ ará ìlú, obìnrin gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, wọ́n á forúkọ wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ omi ìgbèríko ìjọba ìpínlẹ̀, wọ́n á ṣí àkàǹtì tó nílò ọwọ́ ẹni mẹ́ta kí owó tó jáde. Ìlú ló máa máa dá owó. ₦500 lóṣù fún ìdílé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ. Ìdílé 92, ìyẹn jẹ́ ₦46,000. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ìwé yìí mọ ìlú, kò gbà pé gbogbo èèyàn máa san. Ó ní kí wọ́n ka mẹ́fà nínú mẹ́wàá, ₦27,600. Ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ máa gba ₦10,000, ó ku ₦17,600 lóṣù, ₦211,200 lọ́dún. Tí pọ́ǹpù inú ilẹ̀ bá lo ọdún mẹ́fà, owó tó máa wà nílẹ̀ á lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ mẹ́wàá náírà. Ó máa ra pọ́ǹpù ní iye tòní. Ní iye ọdún mẹ́fà sí i, kò dájú, ìwé náà sì sọ bẹ́ẹ̀ láìfi bò, pé lọ́dọọdún ni ìpàdé ìlú máa tún iye náà yẹ̀ wò.

Ibì kan wà tí mi ò fara mọ́. Lóṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, òjò ń rọ̀, gbogbo ilé ló ń gbé bàsíà sábẹ́ páànù, ta ló máa san ₦500 nígbà yẹn? Wọn ò ronú kan ìyẹn. Mo sọ fún wọn pé bóyá kó jẹ́ sísan nídìí ẹ̀rọ ló dáa, wọ́n ní náírà mẹ́wàá fún kẹ́ẹ̀gì kan, mo rẹ́rìn-ín. Níbo lẹ ti máa rí náírà mẹ́wàá lónìí, ṣẹ́ńjì nìkan á dá ìjà sílẹ̀ lójoojúmọ́. Káàdì ló máa ṣiṣẹ́: ₦100 fún káàdì kan, kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá, ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ á máa lu ihò sí i lára. Ẹni tí kò pọn kò san, ẹni tó sì ń fi ṣe búlọ́ọ̀kù á san tiẹ̀ pé.

Lọ́jọ́ Sátidé mo dé abúlé, a jókòó sábẹ́ igi níwájú ilé Báálẹ̀, mo sì ka ojú ewé kẹsàn-án yìí fún wọn ní Yorùbá. Àwọn ọkùnrin ń sọ̀rọ̀ àkàǹtì àti ẹni mẹ́ta tó máa fọwọ́ sí i. Alhaja dákẹ́ títí, wọ́n wá ní, "Ọgbà tí ẹ ní ẹ máa ṣe yí i ká yẹn, kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ á wà lọ́wọ́ ta ni? Torí aago márùn-ún ìdájí la máa ń nílò omi, kí wọ́n tó kí Sùbúù. Tó bá jẹ́ ọkùnrin ló mú u dání, tó sùn, odò náà la máa padà sí."

Mo wo ojú ewé kẹsàn-án, mo wo kẹwàá, mo ṣí gbogbo méjìlá, kò sí i níbẹ̀. Mo fi ìbéèrè náà ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yẹn láti orí ìjókòó. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti dá a padà pẹ̀lú ìlà kan tí wọ́n fi kún un: kọ́kọ́rọ́ méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ, èkejì lọ́wọ́ obìnrin inú kọmitíì tí ilé ẹ̀ bá sún mọ́ ibẹ̀ jù, aago mẹ́rin ààbọ̀ sì ni wọ́n á máa ṣí i.